Sikiríìnì láptọ́ọ̀pù mi ń ṣẹ́jú, ìlà kan tún gùn ún: ṣé Windows ni àbí sikiríìnì fúnra rẹ̀?

TíṣàMọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni mo ń lò, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Sikiríìnì rẹ̀ ń ṣẹ́jú, pàápàá tí mo bá ń tẹ ìbéèrè ìdánwò tí mo wá dáwọ́ dúró láti ronú. Ìlà pínkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà lápá ọ̀tún, láti òkè délẹ̀. Ojú kan aláwọ̀ ewé, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n pààrọ̀ sikiríìnì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Windows ni, pé ìgbà tó ṣe àpúdéètì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Kẹ́hìndeWáyà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó sikiríìnì lọ́wọ́ yín o. Dráífà ni. Òun ni ètò tí Windows fi ń darí gírááfíìkì ẹ̀rọ. Àpúdéètì a máa gbé dráífà tuntun wọlé láìsọ fún èèyàn, tí kò bá sì bá ẹ̀rọ mu, ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo fọ́máàtì rẹ̀, ó tán. Ẹ kó fáìlì yín sórí fúláàṣì, kí ẹ fọ́máàtì. Ìlà yẹn náà á bá a lọ.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Kẹ́hìnde, rọra. Fọ́máàtì ló máa ń kẹ́yìn, òun kọ́ ló ń ṣáájú.

Tíṣà, ohun mẹ́ta lẹ dárúkọ yẹn, ìṣẹ́jú, ìlà àti ojú kan. Mi ò rò pé ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi sọ ohun méjì fún yín tó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ẹ wo ọ̀nà tí àwòrán ń gbà kó tó dé ojú yín. Windows á kọ́kọ́ yà á sínú mẹ́mórì. Ṣíìpù gírááfíìkì á kà á jáde látibẹ̀. Ó wá gba inú kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba hínjì kọjá wọnú ìdérí. Lẹ́yìn náà ni pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dígí tí ẹ ń wò gan-an, á pín in fún àwọn òpó píksẹ́lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń wá ni ibi tí àwòrán ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Ẹ bá mi ṣe ohun mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí.

Ẹ ya sikiríìnṣọ́ọ̀tì nígbà tí ìlà yẹn wà níwájú yín: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ `PrtSc`. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Inú mẹ́mórì ni sikiríìnṣọ́ọ̀tì ti ń mú àwòrán, kò dé ọ̀dọ̀ kébù rárá. Ohun tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ kò lè sí nínú rẹ̀.

Ẹ fi kébù HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé.

Ẹ pa á, kí ẹ tàn án padà, kí ẹ wọ ojú ewé BIOS kí Windows tó dìde. `F2`, `F10`, `Esc` tàbí `Del` ni, ó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Kò sí dráífà Windows kankan níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Ìkẹrin, ẹ di etí ìdérí mú, kí ẹ tì í síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó bóyá ìṣẹ́jú náà á yí padà.

ÌyáAṣọÒkè

Ẹ ṣé bọ̀dá. Àwòrán ni mo fi ń polówó aṣọ, tèmi náà ń ya mí ní wèrè. Fóònù ni mo fi ya sikiríìnì mi ní fọ́tò, mo sì rí àwọn ìlà dúdú gbọọrọ nínú rẹ̀. Ṣé sikiríìnì mi náà ti kú nìyẹn? Ojú mi ò rí wọn o, inú fọ́tò nìkan ni.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Màmá, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Iná tó ń tan ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ sikiríìnì ń kú ó ń tàn, kíákíá ju ohun tí ojú lè rí lọ, kámẹ́rà fóònù náà sì ní bó ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà. Tí àwọn méjèèjì ò bá bára wọn mu, ìlà dúdú á jáde nínú fọ́tò. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ gbà gbọ́. Kí ẹ sì má fi fọ́tò fóònù rọ́pò sikiríìnṣọ́ọ̀tì, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Fọ́tò rí gbogbo nǹkan, kódà eruku. Sikiríìnṣọ́ọ̀tì kò mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì wà láyé.

ÌyáAṣọÒkè

Ah, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n òmíràn wà. Tí mo bá ṣí ìdérí dé ibì kan, tí mo wá fẹ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀ sí i, gbogbo sikiríìnì á dúdú. Tí mo bá dá a padà síwájú, á tàn.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ìyẹn ni kébù ojú hínjì, màmá. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ni kébù yẹn ń tẹ̀, wáyà inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó ń já díẹ̀díẹ̀. Tí ìṣẹ́jú tàbí òkùnkùn bá ti ń tẹ̀ lé ìdérí, ẹ má wulẹ̀ dààmú Windows mọ́. Ẹ pààrọ̀ kébù, kò wọ́n tó sikiríìnì rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ tú pulọ́ọ̀gì bátírì kúrò lára bọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan kébù náà. Iná tó ń tan ẹ̀yìn sikiríìnì ń gba inú kébù yẹn kọjá. Tí bátírì bá ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń fa kébù náà, fíúsì kékeré kan á jó lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ tó wá nítorí kébù á wá lọ sílé pẹ̀lú sikiríìnì tó ṣókùnkùn. Mo máa ń rí i.

TíṣàMọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe é.

Nínú sikiríìnṣọ́ọ̀tì lórí fóònù, kò sí ìlà, kò sí ojú kan. Ìṣẹ́jú, mi ò mọ bí mo ṣe lè yà á. Lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ìlà níbẹ̀ náà. Mo ti ìdérí síwá sẹ́yìn, kò yí ohunkóhun padà.

Ṣùgbọ́n BIOS ló dà mí lójú rú. Mo wọ ibẹ̀, ojú ewé rẹ̀ búlúù, kò ṣẹ́jú rárá, ìlà pínkì yẹn kò sì sí níbẹ̀! Tí kò bá sí níbẹ̀, ṣé kì í ṣe pé Windows ló ń yà á?

Kẹ́hìndeWáyà

Mo sọ ọ́! Kò sí ní BIOS, ó wà ní Windows. Dráífà ni.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Píksẹ́lì kan kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn, funfun lẹ máa rí. Tí pupa àti búlúù bá tàn tí àwọ̀ ewé kò tàn, pínkì ni. Ìlà yín jẹ́ pínkì lórí pépà funfun. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé òpó àwọ̀ ewé kan ti kú láti òkè délẹ̀.

Ojú ewé BIOS yín wá jẹ́ búlúù. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọ̀ ewé tàn níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kò wá?

Ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́tà ojú ewé yẹn funfun, àbí? Ẹ wá ibi tí lẹ́tà bọ́ sí ọ̀gangan ìlà yẹn. Tí kò bá sí, ẹ fi bọ́tìnnì ọfà rìn káàkiri títí lẹ́tà kan á fi bọ́ síbẹ̀. Kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa.

Fún ojú kan yẹn, ẹ wá àwòrán tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, kí ẹ ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gba gbogbo sikiríìnì. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀ ná. Eruku ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

AdéLínúsì

Kí wọ́n tó padà dé: ẹni tó bá ń lo Dell kò nílò BIOS fún èyí rárá. Pa ẹ̀rọ, di bọ́tìnnì `D` mú, kí o sì tan ẹ̀rọ. Pánẹ́ẹ̀lì á máa fi àwọ̀ funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù han fúnra rẹ̀, láìsí Windows, láìsí dráífà. Ìlà tó bá wà lórí funfun yẹn, pánẹ́ẹ̀lì ló ni ín.

TíṣàMọ́níyà

Tèmi kì í ṣe Dell, ṣùgbọ́n ẹ ṣé.

Bọ̀dá, ẹ kú òye o. Mo padà sí BIOS. Mo fi ọfà rìn títí ọ̀rọ̀ `Security` fi bọ́ sí ọ̀gangan ibẹ̀. Lẹ́tà `u` rẹ̀, ẹsẹ̀ kan funfun, ẹsẹ̀ kejì ní pínkì láàárín! Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, mo ní láti yọ awò mi kí n tó rí i. Ìyẹn ni pé ó wà níbẹ̀ látijọ́.

Ojú kan yẹn: lórí dúdú, àwọ̀ ewé tó ń tàn ni. Lórí funfun, mi ò rí i mọ́. Lórí pupa, ó di yẹ́lò. Ìyẹn yà mí lẹ́nu.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ó dáa, ìlà àti ojú kan ti yé wa.

Ìlà ti wà kí Windows tó dìde, kò sí nínú sikiríìnṣọ́ọ̀tì, kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohun tí fọ́máàtì máa ṣe fún un. Kí ẹnì kan má sì sọ fún yín pé kébù ni. Nínú láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí, wáyà díẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ gbogbo òpó, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, gba inú kébù. Kébù tó bàjẹ́ kò lè mú òpó kan ṣoṣo nínú 1,366 kó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Gbogbo sikiríìnì ló máa kàn: á dúdú, á ṣẹ́jú, tàbí kí ojú rẹ̀ kún fún rádaràda. Ìlà kan tó tọ́, tó mọ́, tí kì í kúrò lójú kan, inú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, ní etí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi nǹkan bíi rọ́bà tín-ín-rín lẹ ìsopọ̀ àwọn òpó mọ́ dígí. Ìsopọ̀ kan ló ṣí níbẹ̀.

Ojú kan yẹn, ẹ̀yà àwọ̀ ewé tó há ní títàn ni. Kò kú, ṣe ni kò lè ṣíwọ́ títàn. Ìdí nìyẹn tó fi di yẹ́lò lórí pupa, pupa àti àwọ̀ ewé ló pàdé. Èyí tó kú pátápátá dúdú ni lórí gbogbo àwọ̀.

Ìṣẹ́jú ló kù. Kò ṣẹ́jú ní BIOS, kò tẹ̀ lé ìdérí. Èmi náà wá ń fura sí Windows lórí ìyẹn, Kẹ́hìnde, nítorí náà o gba ìdajì. Tíṣà, ẹ tẹ `Ctrl`, `Shift` àti `Esc` pọ̀ kí `Task Manager` jáde, kí ẹ wò ó nígbà tó bá ń ṣẹ́jú. Tí gbogbo sikiríìnì bá ń ṣẹ́jú tí `Task Manager` dúró jẹ́ẹ́, áàpù kan ló ń dà á láàmú. Tí òun náà bá ń ṣẹ́jú, dráífà ni ká lọ bá. Kí ẹ sì sọ fún mi: ṣé ó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ fi ṣájà sí i? Ṣé ó ń ṣẹ́jú nígbà tí fídíò ń lọ?

ArayéPẹ́kàm

Lórí ojú kan yẹn: mo ra tuntun kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú kan pupa wà láàárín rẹ̀. Mo gbé e padà, ṣọ́ọ̀bù ní kò tíì tó ohun tí wọ́n ń gbà padà. Mo bínú, mo wá lọ kà á. Òdiwọ̀n kan wà, ISO 9241-307, ti ọdún 2008. Nínú ìpele kejì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tẹ̀ lé, mílíọ̀nù píksẹ́lì kan lè ní méjì tó ń tàn funfun ṣáá àti méjì tó dúdú ṣáá, kí sikiríìnì sì ṣì pegedé. Ẹ̀yà tó há bíi ti Tíṣà, wọ́n gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sikiríìnì 1920 × 1080 sì lé ní mílíọ̀nù méjì píksẹ́lì, ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra nǹkan fi ránṣẹ́ sílé, kó wo dúdú àti funfun kó tó kúrò níwájú káńtà.

Kẹ́hìndeWáyà

Ojú kan tó há, èmi mọ̀ ọ́n. Fídíò kan wà tó ń yí àwọ̀ padà kíákíá. Ẹ fi í sójú ibẹ̀ kó máa lọ mọ́jú. Tèmi ṣí. Àwọn mìíràn máa ń fi aṣọ di ìka, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Fídíò, mi ò lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó ṣí, mo sì ti rí èyí tó ṣe é mọ́jú tí kò mira. Kò ba nǹkan jẹ́, ẹ dán an wò. Ti kí a tẹ̀ ẹ́, rárá o. Àwọn tó tẹ ojú kan tó di àbàwọ́n funfun tó tóbi bí ẹ̀wà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

AdéLínúsì

Èmi ò gbà pé fídíò yẹn ń ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yà tó há a máa ṣí fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tó bá wá ń ṣe fídíò lọ́wọ́ nígbà náà á ní fídíò ló ṣe é.

Kẹ́hìndeWáyà

Èmi rí i lójú mi.

TíṣàMọ́níyà

Ẹ má jà nítorí ojú kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́ 😄

`Task Manager` náà ń ṣẹ́jú. Tí mo bá fi ṣájà sí i, kì í ṣẹ́jú. Tí iná bá lọ tó di ti bátírì, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí fídíò bá sì ń lọ, kò ṣẹ́jú rárá, bátírì o, ṣájà o. Ìgbà tí mo bá dáwọ́ títẹ̀ dúró ló pọ̀ jù, tí mo bá tún fọwọ́ kan máòsì, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ó ti tán. Tí ìṣẹ́jú bá wà lórí bátírì nìkan, tó wà nígbà tí ojú sikiríìnì bá dúró jẹ́ẹ́ nìkan, ohun kan wà tí mo máa kọ́kọ́ fura sí. Láti fi iná pamọ́, ṣíìpù Intel a máa sinmi nígbà tí nǹkan kò bá yí padà lójú sikiríìnì. Pánẹ́ẹ̀lì á mú àwòrán tó gbẹ̀yìn, á máa fi í han fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan máòsì, ṣíìpù á jí, á gba iṣẹ́ padà. Ìgbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ yẹn ló ń ṣẹ́jú, tí dráífà àti pánẹ́ẹ̀lì kò bá gbọ́ ara wọn yé. Fídíò kì í jẹ́ kó sinmi, ìdí nìyẹn tí kò fi ń ṣẹ́jú nígbà náà. Àpúdéètì lè tan ohun yìí fún dráífà tí kò ní i tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ̀bi.

Ẹ ṣí `Intel Graphics Command Center`. Tí kò bá sí, ẹ gbà á ní `Microsoft Store`, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí `System`, lẹ́yìn náà `Power`. Lábẹ́ `On Battery`, ẹ pa `Panel Self Refresh`. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná, ká lè mọ èyí tó ṣe é. Bátírì á tètè tán díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tí ẹ máa san nìyẹn.

Tí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ lọ sí `Device Manager`, `Display adapters`, ẹ tẹ orúkọ gírááfíìkì yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá `Roll Back Driver` lábẹ́ `Driver`. Ìyẹn á dá dráífà ti tẹ́lẹ̀ padà. Tí bọ́tìnnì yẹn bá ṣókùnkùn, kò sí ti àtijọ́ tó pamọ́.

AdéLínúsì

Fún ẹni tó ń lo Ubuntu tó rí àìsàn kan náà lórí Intel, nínú `/etc/default/grub`:

```
GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT="quiet splash i915.enable_psr=0"
```

lẹ́yìn náà:

```
sudo update-grub
```

kí o sì pa ẹ̀rọ kí o tún un tàn. Tí ìlà yẹn bá ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú tẹ́lẹ̀, má pa á rẹ́, fi apá ìkẹyìn kún un nìkan.

ArayéPẹ́kàm

Èyí tó ní AMD ńkọ́? Tèmi kì í ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ojú ewé funfun lórí bátírì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rọra lọ sókè sódò.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

`Vari-Bright` ni wọ́n ń pè é nínú sọ́fítíwíà AMD, òun ló ń yí ìmọ́lẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà lójú sikiríìnì. Pa á. Kì í ṣe àrùn, àṣà rẹ̀ ni.

TíṣàMọ́níyà

Mo ti pa `Panel Self Refresh`. Iná ti lọ láti àárọ̀, orí bátírì ni mo wà báyìí, mo ti tẹ ìbéèrè bàọ́lọ́jì tán láìṣẹ́jú. Ọlọ́run á bùkún yín.

Ohun kan ṣì wà. Tí mo bá yọ ṣájà, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, sikiríìnì á dúdú lẹ́ẹ̀kan, á sì tàn padà. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún ṣe é mọ́.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń yí iye ìgbà tó ń tún àwòrán yà padà tí ṣájà bá kúrò, bóyá láti ìgbà 60 sí 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń dúdú fún ìgbà díẹ̀ nígbà náà. Ẹ wò ó nínú `Settings`, `System`, `Display`, `Advanced display`, bóyá nọ́ńbà ibẹ̀ ń yí padà tí ẹ bá yọ ṣájà. Tí kò bá yí padà, mi ò lè sọ ohun tí ó jẹ́ láti ibí, ó dìgbà tí mo bá rí ẹ̀rọ náà.

ÌyáAṣọÒkè

Tíṣà, ìlà yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

TíṣàMọ́níyà

Ohun tí mo fẹ́ bi bọ̀dá nìyẹn. Ṣé ó máa pọ̀ sí i? Mi ò lówó sikiríìnì nísinsìnyí.

Kẹ́hìndeWáyà

Ó máa pọ̀ sí i. Ti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, ó di ìdajì sikiríìnì kí ọdún tó yí.

AdéLínúsì

Ti ọ́fíìsì wa, ìlà kan ṣoṣo ló ní, ó ti pẹ́, kò tíì bí ìkejì.

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ lè fi mọ̀ díẹ̀ ni pé kí ẹ rọra fọwọ́ lé férémù ike ní ìsàlẹ̀ ìlà náà, ẹ má tẹ dígí. Tí ìlà bá ń lọ tó ń bọ̀, tàbí tí àwọn mìíràn bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìsopọ̀ yẹn ṣì ń ṣí lọ. Tí kò bá mira, ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ láti etí ìdérí, kí ẹ sì wò ó bóyá bátírì ti wú tó ń ti ibi máòsì sókè. Èyí tó bá wú, ẹ má tún lò ó rárá, sikiríìnì kọ́ ló léwu jù níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ yí ojú ewé tí ẹ ń kọ nǹkan sí padà sí dúdú. Òpó tó kú jẹ́ ti àwọ̀ ewé, kò sí ohun tó máa hàn lórí dúdú. Ojú kan yẹn ló máa hàn dípò rẹ̀, ẹ yan èyí tó bá yín lára mu.

TíṣàMọ́níyà

Mo ti tẹ férémù, kò mira. Bátírì náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí owó bá dé, kí ni kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀?

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Ẹ jẹ́ kó tú sikiríìnì náà níwájú yín kó sì ka nọ́ńbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Orúkọ láptọ́ọ̀pù kò tó, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó yàtọ̀. Nọ́ńbà náà á jọ `NT156WHM-N42`. 156 inú rẹ̀ dúró fún íńṣì 15.6. Pánẹ́ẹ̀lì mìíràn lè wọlé dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ bára mu. Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 30 àti ẹlẹ́sẹ̀ 40 kì í wọ ara wọn. Àwọn kan ní etí irin tí wọ́n fi ń fi sukúrúù dè wọ́n, àwọn kan kò ní, ẹ wo ìyẹn náà.

Kí wọ́n tó dé férémù padà, ẹ ní kí wọ́n tàn án. Funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Kí ẹ tó sanwó.

ÌyáAṣọÒkè

Bọ̀dá, mo gbé tèmi lọ síbi kan lónìí. Ó ní kébù ẹ̀rọ mi kò sí lọ́jà, pé òun á fi téèpù dè é níbi tó ti já. Ṣé kí n gbà?

Bọ̀dáỌ̀tígbà

Rárá, ojú hínjì ló ti já, ibẹ̀ náà ló máa ti tún tẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára kébù ránṣẹ́, wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé funfun kékeré kan lẹ́bàá pulọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ ká wá a lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú fún páàtì.